Èlùbọ́ mélòó ló yẹ kó kù ní ṣọ́ọ̀bù kí n tó pe Ṣakí?

Ìyá Ìbejì Kúbúwà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èlùbọ́ iṣu ni mò ń tà níbí ní Kúbúwà, nínú ọ̀rá kílò méjì-méjì. Ṣakí ló ti ń wá. Bí mo bá pe ẹni tó ń bá mi ṣe é lónìí, ọjọ́ 14 gééré ni ẹrù máa ń dé Àbújá, kì í yẹ̀. Títà gan-an ni kì í dúró sójú kan. Iye ọ̀rá tí mo tà ní ọ̀sẹ̀ 12 tó kọjá nìyí:

38, 45, 29, 52, 41, 36, 60, 33, 44, 27, 49, 38

Ọ̀rá mélòó ló yẹ kó kù kí n tó gbé fóònù? Bí mo bá kó o jọ jù, kòkòrò á wọ̀ ọ́. Bí mo bá sì pẹ́, àwọn oníbàárà á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Bọ̀dé Wúsè

Ẹ kú ọjà, Màmá. Mínírà àti omi inú ọ̀rá ni èmi ń tà. Ọ̀nà tí mò ń gbà ṣe é rọrùn. Ẹ wo ọ̀sẹ̀ tí ọjà yá jù lọ, ìyẹn 60. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, torí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ máa fi dúró. Ó di 120. Bó bá ti ku 120, ẹ pè.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ lo ìpíndọ́gba. Ìpíndọ́gba yín jẹ́ 41 lọ́sẹ̀, 82 fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá dúró títí ó fi ku 82 kí ẹ tó pè, ìgbà púpọ̀ ni ọjà máa tán kí mọ́tò tó wọlé.

Onísìírò Gáríkí

Bọ̀dé, òótọ́ lo sọ nípa 82. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí Ìyá Ìbejì máa fi dúró, ó lè tà ju 82 lọ, ó sì lè máà tà tó bẹ́ẹ̀, ọ̀kan kò sì wọ́pọ̀ ju èkejì lọ. Ẹni tó bá ń pè ní 82 ti gbà pé bí òun bá pè lẹ́ẹ̀mejì, ọjà á tán mọ́ òun lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

120 yẹn ni mi ò fara mọ́. Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀sẹ̀ tó yá jù nínú oṣù mẹ́ta máa wáyé lẹ́ẹ̀mejì léra-léra. Ẹ padà wo ìwé Màmá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé 60, 33 ni wọ́n tà. Èyí tó tẹ̀lé 52, 41 ni. Mo ro gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì-méjì tó tẹ̀léra pọ̀, èyí tó ga jù nínú wọn jẹ́ 96, ìyẹn 36 pẹ̀lú 60. Kò sí ibì kankan tó súnmọ́ 120. Ní ti omi inú ọ̀rá, ìyẹn lè máà dun ẹnikẹ́ni. Èlùbọ́ tí kòkòrò ń dúró dè ńkọ́?

Iṣẹ́ sítọ́ọ̀ ni mo ti ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí mo ṣe máa ṣe é nìyí. Títà ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ wo bó ṣe jìnnà sí 41. 38 fi 3 dín, 45 fi 4 lé, 29 fi 12 dín, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Ẹ fi iye kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí àlékún àti àdínkù má baà pa ara wọn rẹ́, kí ẹ wá rò wọ́n pọ̀. Mo rí 1018. Ẹ pín in sí 11. Kì í ṣe 12, nítorí inú ọ̀sẹ̀ 12 yẹn kan náà la ti mú 41 jáde. Ó di 92.5. Ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀, ó di 9.62. Ìyẹn ni ìwọ̀n ìyapa ọ̀sẹ̀ kan: bí títà ṣe sábà máa ń jìnnà sí 41 sókè tàbí sísàlẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ló kù. A ń sọ ìpíndọ́gba di ìlọ́po méjì fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyapa. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá ga, èkejì lè lọ sílẹ̀, wọ́n á sì bo ara wọn díẹ̀. Gbòǹgbò 2 la fi ń sọ ọ́ di púpọ̀, ìyẹn 1.414. 9.62 di 13.6 fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ká ní ọ̀sẹ̀ 4 ni ẹrù fi ń wà lọ́nà, ìpíndọ́gba á lọ́po mẹ́rin, ìyapa á kàn lọ́po méjì.

Ó ku kí Màmá sọ ìgbà mélòó nínú ìpè 100 tó fẹ́ kí ọjà tó títí ẹrù á fi dé. Bó bá jẹ́ 95, a ó fi 1.645 sọ 13.6 di púpọ̀. Bó bá jẹ́ 90, 1.28. Bó bá jẹ́ 99, 2.33. Mo mú 95. Nínú èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí, ROP ni iye tó yẹ kó kù kí ẹ tó pè, d ni ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ kan, L ni iye ọ̀sẹ̀ tí ẹrù fi ń wà lọ́nà, s ni ìyapa ọ̀sẹ̀ kan, z sì ni 1.645 yẹn:

```
d = 41      L = 2      s = 9.62      z = 1.645
ROP = d × L + z × s × √L
    = 82 + 1.645 × 13.6
    = 82 + 22.4
    = 104.4  →  105
```

Ẹni tó bá fẹ́ fi Excel ṣe é, kó kọ títà sí B2 títí dé B13, kó sì kọ èyí síbòmíràn:

```
=ROUNDUP(AVERAGE(B2:B13)*2+NORM.S.INV(0.95)*STDEV.S(B2:B13)*SQRT(2),0)
```

Nítorí náà, 105 ni. 82 inú rẹ̀ ni ẹ máa tà bí ohun gbogbo bá lọ bó ṣe ń lọ. 23 ni ọjà ìpamọ́, tó wà fún ọ̀sẹ̀ tí ọjà bá yá ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n Màmá, mo fẹ́ béèrè kí ẹ tó lo 105 yẹn: ọ̀sẹ̀ tí ẹ tà 27, ṣé ọjà wà lórí igbá títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta?

Kẹ́míìsì Kàdúná

Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nítorí mo rí i pé ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà á. Èmi náà ní irú iye bẹ́ẹ̀ fún oògùn ibà àwọn ọmọdé, èyí tó jẹ́ olómi. Mo kọ ọ́ sórí ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ṣẹ́ẹ̀fù: bó bá ti ku 40, pè. Ó ku 40, ọmọ tó ń bá mi tajà pè. Lọ́jọ́ kejì, ó rí 36, ó tún pè. Lọ́jọ́ kẹta, ó rí 31, ó pè lẹ́ẹ̀kẹta. Kò ṣẹ̀, ohun tí mo kọ ló tẹ̀ lé. Ìpè mẹ́ta wọlé tẹ̀léra, a ò tà wọ́n tán kí ọjọ́ ara wọn tó pé, mo sì kó èyí tó kù dànù.

Nítorí náà, ẹ má ka ti orí ṣẹ́ẹ̀fù nìkan.

Onísìírò Gáríkí

Ẹ ṣeun gidigidi. Mo yẹ kí n ti sọ èyí látìbẹ̀rẹ̀. Iye tí a ń fi wé 105 ni ti inú ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú èyí tó ti wà lọ́nà, kí a yọ èyí tí oníbàárà ti sanwó rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì gbé lọ. Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká ní 160 lẹ máa ń pè lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pè ní 105, iye yín ti di 265 lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 105 ni ojú ń rí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lè rí 64 lórí ṣẹ́ẹ̀fù kí àyà yín já. Iye yín ṣì jẹ́ 224. Ẹ má pè.

Jídé Sábóńgárì, Kánò

Mi ò gba ìṣirò yìí gbọ́ o, ẹ má bínú. Bàtà ni mò ń tà. Ẹnì kan ṣe irú rẹ̀ fún mi lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì lẹrù mi náà fi ń dé. Mo tẹ̀ lé e pátápátá, ọjà ń tán mọ́ mi lọ́wọ́ ṣáá. Ọjọ́ kìíní oṣù ni ọ̀gá tó ń kó o fún mi máa ń gba ìpè. Bí n kò bá tíì dé iye yẹn lọ́jọ́ kìíní, kí ni mo fẹ́ ṣe? Ó di oṣù tó ń bọ̀.

Onísìírò Gáríkí

Jídé, ọ̀rọ̀ tìrẹ yàtọ̀ sí ti Màmá. Màmá lè pè lọ́jọ́kọ́jọ́. Ìwọ kò lè pè àfi lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí o bá jẹ́ kí ọjọ́ kìíní kọjá, ọjà ọwọ́ rẹ gbọ́dọ̀ gbé ọ dé ọjọ́ kìíní oṣù kejì, kó tún gbé ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹrù yẹn máa fi wà lọ́nà. Ìyẹn ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ, ọ̀sẹ̀ 2 lo sì ń ṣírò fún. Ìdí tó fi ń tán nìyẹn. Ohun tó yẹ kí o máa béèrè lọ́jọ́ kìíní ni iye tí wàá fi kún ọjà rẹ kó lè gbé ọ fún gbogbo àkókò yẹn. Iye tó yẹ kó kù kí o tó pè kò wúlò fún ẹni tí kò lè yan ọjọ́ tó máa pè.

Jídé Sábóńgárì, Kánò

Ó yé mi wàyí. A jẹ́ pé owó tó máa dúró sínú ọjà máa pọ̀ gan-an.

Onísìírò Gáríkí

Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ọ̀gá yẹn bá lè máa gba ìpè lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ìyẹn á dín in kù ju ìṣirò èyíkéyìí lọ.

Ìyá Ìbejì Kúbúwà

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn. Òótọ́ ni nípa 27 yẹn. Ọjà tán lọ́wọ́ mi ní Ọjọ́bọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta, ńṣe ni mò ń sọ fún wọn pé kí wọ́n padà wá. Mi ò ka iye àwọn tó padà lófo.

160 ni mo máa ń pè lóòótọ́, ìyẹn ni iye ọ̀rá tó ń kún àyè tí wọ́n ń fún mi nínú mọ́tò. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo máa ń ka ọjà, lẹ́yìn tí mo bá ti ilẹ̀kùn. Kò sí àyè láàárín ọ̀sẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó sì jẹ́ 60, ìyá kan tó ń se oúnjẹ àríyá ló wá ra 20 lẹ́ẹ̀kan náà.

Onísìírò Gáríkí

Ẹ ṣeun, Màmá. Nǹkan mẹ́ta lẹ sọ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kan iye yìí. Ẹ jẹ́ kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

27 kì í ṣe iye tí àwọn èèyàn fẹ́ rà. Iye tí ẹ ní ni. Bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé ìyẹn ni wọ́n fẹ́, ìpíndọ́gba á wálẹ̀, ẹ ó pẹ́ pè, ọjà á tún tán, iye tí ẹ bá tún kọ á tún kéré sí i. Mo ti rí sítọ́ọ̀ tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọra pa ọjà kan báyìí, tí wọ́n ń sọ pé àwọn èèyàn kò fẹ́ ẹ mọ́. Mo yọ ọ̀sẹ̀ yẹn kúrò. Ọ̀sẹ̀ 11 tó kù fún mi ní ìpíndọ́gba 42.3 àti ìyapa 8.97. Iye tó yẹ kó kù kí ẹ tó pè di 106. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò níbi tó wà, nítorí 27 yẹn ń fa ìpíndọ́gba wálẹ̀, ó sì ń mú kí ìyapa tóbi, méjèèjì sì bo ara wọn. Ó kàn bọ́ sí i bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má retí rẹ̀ nígbà mìíràn. Láti òní lọ, ọ̀sẹ̀ tí ọjà bá tán, ẹ fàmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ìwé.

Kíkà ní Àbámẹ́ta nìkan ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ kà á ní Àbámẹ́ta yìí, ó ku 107. Kò tíì dé 106, ẹ ò pè. Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ẹ ti ta bíi 42, ó ku 65. Ìgbà yẹn lẹ wá pè, ẹ sì ní ọ̀sẹ̀ méjì níwájú tó máa jẹ bíi 84. Ọjà máa tán, kì í ṣe pé ó lè tán. 106 dá lórí pé lọ́jọ́ gan-an tó bá kan ibẹ̀ lẹ máa pè.

Bí ẹ kò bá lè kà á lójoojúmọ́, a jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ 3 la máa ṣírò fún, kì í ṣe 2. Pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ 11 yẹn, ó máa ń lọ sí bíi 153. Ọ̀rá 47 lé ní ti tẹ́lẹ̀ nìyẹn, nítorí pé a kò kà á lójoojúmọ́. Mo rò pé kíkà ló dín owó jù.

Àǹtí Mínà

Màmá, ẹ má da ara yín láàmú pẹ̀lú kíkà. Èmi kì í ka ohunkóhun. Iye tí wọ́n bá ti sọ fún mi, mo máa dì í sọ́tọ̀ sínú bàgíì, màá fi okùn pupa so ó, màá gbé e sí ẹ̀yìn. Èyí tó wà níwájú là ń tà. Lọ́jọ́ tó bá tán tí a bá fẹ́ tú okùn pupa, ọmọ tó bá tú u ló máa pè mí, èmi náà á pe Bídà. Bí ẹrù bá dé, a ó kọ́kọ́ kún ti okùn pupa kí a tó kó ìyókù síwájú. Àwọn ọmọ tí kò mọ̀wé ń ṣe é, wọn kì í ṣì í. Wọn kì í sì í pè lẹ́ẹ̀mejì bíi ti ẹ̀gbọ́n wa ní Kàdúná, torí ẹ̀ẹ̀kan la ń tú okùn.

Kìkì pé èyí tó wà lẹ́yìn ló yẹ kẹ́ ẹ máa tà ṣáájú nígbà tí tuntun bá dé, kó má baà gbó síbẹ̀.

Onísìírò Gáríkí

Ó dára púpọ̀, Àǹtí. Ó bá ti Ìyá Ìbejì mu nítorí 160 tó ń pè ju ohun tó ń tà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ìpè kan ṣoṣo ló máa ń wà lọ́nà. Ká ní 50-50 ló ń pè ni, ìpè méjì lè wà lọ́nà lẹ́ẹ̀kan náà, okùn pupa á wá dàrú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sáríà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, mo ní ìbéèrè. Ẹ̀gbọ́n Onísìírò sọ pé ìyapa ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́ 13.6. Mo wá mú ọ̀sẹ̀ méjì-méjì tó tẹ̀léra yẹn, 83, 74, 81, 93, 77, 96, 93, 77, 71, 76, 87, mo wá ìyapa wọn tààrà. 8.6 ni mo rí. Bó bá jẹ́ 8.6 lóòótọ́, kò yẹ kí iye náà ju 97 lọ. Kí ló dé tí méjèèjì kò dọ́gba?

Onísìírò Gáríkí

Ìbéèrè rẹ dáa, àbúrò. Gbòǹgbò 2 gbà pé ọ̀sẹ̀ kan kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Nínú ìwé Màmá, ó jọ pé ó mọ̀ ọ́n: bó bá ga lọ́sẹ̀ yìí, ó máa ń wálẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ra púpọ̀ kò ní í tètè padà wá. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, 13.6 pọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì-méjì 11 péré lo ní, o sì lo ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀sẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. 27 tí kì í ṣe iye tí àwọn èèyàn fẹ́ rà tún wà nínú méjì lára wọn. Mi ò ní fi ìyẹn gé ọjà ìpamọ́ Màmá. Bó bá kọ títà rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún kan, ká tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sáríà

Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n mo ṣì rò pé ó wà níbẹ̀. Kò sí ibi tí ọ̀sẹ̀ méjì tó ga tẹ̀léra rárá nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ 12.

Bọ̀dé Wúsè

Èmi fẹ́ padà sórí 95 yẹn. Ṣé ẹ̀ ń sọ pé nínú oníbàárà 100, 5 máa padà lófo? Ìyẹn pọ̀ jù fún ẹni tó ń tajà. Èmi ò lè gba irú ẹ̀.

Onísìírò Gáríkí

Rárá, Bọ̀dé, ìpè la fi kà á, kì í ṣe oníbàárà. Màmá ń ta bíi 2,150 lọ́dún, 160 ló ń pè, ìyẹn jẹ́ bí ìpè 13 lọ́dún. 5 nínú 100 ìpè túmọ̀ sí pé láàárín ọdún 3, ọjà lè tán bí ẹ̀ẹ̀mejì kí ẹrù tó dé. Nígbà tó bá sì tán, kì í ṣe pé ọ̀sẹ̀ gbogbo ló máa ṣófo. Ọ̀rá bíi 5 tàbí 6 ló sábà máa ń jẹ́ àìtó náà. Oníbàárà tó máa padà lófo kò tó 1 nínú 100.

Bó bá mú 90, ọ̀rá bíi 5 ló máa dín kù lára ọjà ìpamọ́, ọjà á sì máa tán bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Mi ò lè yan ìyẹn fún un. Ẹni tó mọ bí kòkòrò ṣe ń yára tó nínú èlùbọ́ rẹ̀ ló máa yàn án.

Ìyá Ìbejì Kúbúwà

95 tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀rá 5 kò lè bàjẹ́ kí n tó tà á. Ẹ ò tíì sọ nǹkan kan nípa ìyá tó ń se àríyá.

Onísìírò Gáríkí

Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, ó bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rá 20 yẹn nìkan wúwo ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí mo bá yọ ọ́ kúrò, tí ọ̀sẹ̀ yẹn di 40, iye ìpè bọ́ láti 106 sí 97. Ọ̀rá 9 lẹ ń gbé pamọ́ nítorí obìnrin kan. Ìbéèrè mi ni pé ṣé ó lè sọ fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú? Bó bá lè ṣe é, ẹ pe tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ lo 97. Ohun tí a bá ti mọ̀ ṣáájú kì í ṣe ohun tí à ń pa ọjà mọ́ dè.

Bọ̀dé Wúsè

Ta ló máa ń sọ fún alájà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ní Àbújá yìí? Ẹ fi sílẹ̀, Màmá. Ó rà á lẹ́ẹ̀kan, ó máa padà wá.

Ìyá Ìbejì Kúbúwà

Òótọ́ ni Bọ̀dé sọ. Ó kàn máa ń yọ sí mi ni, tó bá ti di ọ̀túnla. Mo máa bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n mi ò ní gbọ́kàn lé e. 106 ni mo máa lò. Màá fi okùn pupa so ó bí Àǹtí Mínà ṣe wí.

Ohun kan tún kù. Bó bá ti di àárín oṣù Ọ̀pẹ̀, Kúbúwà máa ń dá, gbogbo èèyàn á ti gba ilé lọ fún Kérésì. Ṣé 106 yẹn náà ni?

Onísìírò Gáríkí

Rárá o. Ọ̀sẹ̀ méjì tó wà níwájú yín lẹ̀ ń ra ọjà fún, kì í ṣe èyí tó kọjá. Bí ẹ bá pè ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Ọ̀pẹ̀, ìgbà tí ìlú ti ń dá lẹ máa ta á. Ṣé ẹ ní ìwé títà Kérésì ọdún tó kọjá?

Ìyá Ìbejì Kúbúwà

Mi ò ní. Oṣù mẹ́ta yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.

Onísìírò Gáríkí

A jẹ́ pé mi ò lè fún yín ní iye kan. Ohun tí mo máa ṣe ni pé n kò ní pe 160 nígbà yẹn. Bí mọ́tò bá lè gbé ìdajì, ìdajì ni màá pè, màá sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀.

Kẹ́míìsì Kàdúná

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà ní Ṣakí bóyá ọjọ́ 14 yẹn dúró nígbà ọdún. Mọ́tò máa ń ṣọ̀wọ́n nígbà yẹn. Bí ọjọ́ 14 bá di 20, ìṣirò yìí kò ní í gbé e mọ́.

Ìyá Ìbejì Kúbúwà

Mo padà wá jíyìn. Ọjọ́rú ni a tú okùn pupa, mo sì pe 160 lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì, tó ku ọjọ́ 5 kí ẹrù dé, 48 ló kù lórí ṣẹ́ẹ̀fù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìyá tó ń se àríyá fi ránṣẹ́ pé òun fẹ́ 20 ní àárọ̀ Àbámẹ́ta. Àyà mi já. Mo ṣí ohun tí ẹ kọ síbí, mo tún un kà, mo sì fún un ní 20.

Ẹrù dé ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Ọ̀rá 3 ló kù. Ká ní 97 ni mo so pọ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ì bá ti tán.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sáríà

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ 20 yẹn sí ẹ̀gbẹ́ lọ́tọ̀ nínú ìwé, kí ẹ má ro ó pọ̀ mọ́ ti ọ̀sẹ̀ náà. Mo ṣì fẹ́ rí bí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ṣe máa rí.